Ọ̀rẹ́ mi méjì ń jà: báwo ni mo ṣe lè dá sí i kí wọ́n má ní mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan?

Àṣàkẹ́_Òwú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi méjì, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Bọ́lá àti Ṣadé, jọ dáwó ra kámẹ́rà kan láti máa fi ṣiṣẹ́. Ṣadé gbé e lọ síbi iṣẹ́ kan láìsọ fún Bọ́lá, ó já bọ́, lẹ́ńsì ẹ̀ sì sán. Ṣadé fowó ara ẹ̀ tún un ṣe, ó wá ní kí Bọ́lá san ìdajì. Bọ́lá ní òun ò san nǹkan kan, ó tún kọ ọ́ sínú gúrúùpù wa pé àwọn kan ò mọ bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan àjọni. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò ti kí ara wọn. Ọ̀dọ̀ Ṣadé ni mo sábà máa ń wà, Bọ́lá sì ti ń ju ọ̀rọ̀ lù mí pé “ìwọ àti ẹnì kejì ẹ”. Báwo ni mo ṣe máa dá sí i?

Ẹ̀gbọ́n_Látúndé

Àbúrò, kó o tó ronú kan owó tàbí kámẹ́rà, ronú kan bí wọ́n ṣe máa gbọ́ pé o fẹ́ dá sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlàjà ti ń bàjẹ́. Bó o bá lọ bá Bọ́lá lẹ́yìn tó o ti jókòó ti Ṣadé fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó máa wá sọ́kàn ẹ̀ ni pé Ṣadé ló rán ọ, kò sì sí bó o ṣe lè búra tó máa gbà ọ́ gbọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni kó o kọ sí àwọn méjèèjì, ní àkókò kan náà, orúkọ nìkan ni kó o pààrọ̀. Bí àpẹẹrẹ, èyí tí wàá fi ránṣẹ́ sí Ṣadé: “Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yẹn ò tíì tán láàárín ìwọ àti Bọ́lá. Ọ̀rẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ni mí, mi ò sì fẹ́ dá ẹjọ́. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́, mo lè jókòó tì yín kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Ohun tí mo kọ sí ọ yìí gan-an ni mo kọ sí òun náà báyìí. Bí o ò bá fẹ́, mi ò ní bínú.” Gbólóhùn tó sọ pé ohun kan náà lo kọ sí ẹnì kejì ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì wéra lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe nìyẹn tí ìjà bá tán, wọn ò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Bí ọ̀kan bá ní òun ò fẹ́, dúró. Má bẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ kó tó wá máa jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ẹ́ lóore, ẹnì kejì á sì rí i pé òun ò rí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbà.

Ní ti pé ọ̀dọ̀ Ṣadé lo máa ń wà, má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kó o sọ fún Bọ́lá nígbà tẹ́ ẹ bá rí ara yín: “O mọ̀ pé èmi àti Ṣadé máa ń ríra ju bí èmi àti ìwọ ṣe ń ríra lọ. Bó o bá rí ibi tí mo ti ń gbè é, sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Bó o bá sì ní kí n yọwọ́, màá yọwọ́.” Kó o sì sọ fún Ṣadé náà pé o ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ́lá. Àìṣojúsàájú tí èèyàn ń fẹnu lásán sọ kì í wọ ẹnikẹ́ni létí. Àǹfààní láti lé ọ kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà ló máa jẹ́ kí Bọ́lá fọkàn tán ọ.

Gbẹ̀dẹ̀_Lọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Kó pè wọ́n, kó ní àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi: Ṣadé ò sọ kó tó gbé e, Bọ́lá náà ò yẹ kó kọ ọ́ sí gúrúùpù. Kí wọ́n pín owó náà sí méjì, kí wọ́n dì mọ́ra. Àìtètè dá sí i ló ń jẹ́ kí irú nǹkan báyìí di egbò.

Ọmọlará_A

Apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pẹ́ jù. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ìdajì ni Ṣadé ní kí Bọ́lá san látìbẹ̀rẹ̀. Tí Àṣàkẹ́ bá ní kí wọ́n pín in sí méjì, gbogbo ohun tí Ṣadé béèrè ló fún un yẹn, tó sì pè é ní àárín méjì. Bọ́lá á rí i kíákíá.

Ẹni tó bá sì sọ pé “ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi” ti dá ẹjọ́ náà nìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé ẹjọ́ méjì ló dá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn méjèèjì á padà sílé, kálukú á máa wọn ẹ̀bi tiẹ̀ mọ́ ti ẹnì kejì, pé báwo ni gbígbé nǹkan ẹni ṣe dọ́gba pẹ̀lú gbólóhùn kan lórí gúrúùpù.

Dékúnlé_T

Ẹ jọ̀ọ́, irú èyí gan-an ló wà nílé mi. Ìyàwó mi àti àbúrò mi obìnrin ò gbọ́ra wọn yé lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tí àbúrò mi ní kó wá gbé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé kí èmi náà kọ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní mo ń gbè sẹ́yìn ara wọn, ìyàwó mi ní mò ń gbè sẹ́yìn àbúrò mi, àbúrò mi ní ìyàwó mi ló ń darí mi.

Ẹ̀gbọ́n_Látúndé

Dékúnlé, tìẹ yàtọ̀ sí ti Àṣàkẹ́. Ilé rẹ ni ọmọ yẹn máa gbé, owó rẹ ló máa bọ́ ọ, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá o fẹ́ tàbí o ò fẹ́. Ẹni tí ìpinnu náà máa kàn ò lè jókòó sáàárín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ṣe ni kí ìwọ àti ìyàwó rẹ kọ́kọ́ fẹnu kò, kí ẹ jọ sọ ọ́ fún àbúrò rẹ. Bó bá di pé wọ́n nílò onílàjà, ẹlòmíràn tí kò gbé inú ilé yẹn ni kó ṣe é.

Gbẹ̀dẹ̀, ohun tí Ọmọlará sọ ni mo fẹ́ sọ. Kí n padà sórí ìbéèrè.

Bí àwọn méjèèjì bá ti gbà, rí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ojúkojú lo fi rí ọ̀kan, ojúkojú ni kó o fi rí ìkejì. Bí orí fóònù ni, orí fóònù. Ìdajì wákàtí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó, kó sì jẹ́ ọjọ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe. Má lọ sílé Ṣadé kó o sì wá pàdé Bọ́lá níbi tí èrò pọ̀ sí, torí ẹni tó wà nínú ilé ara ẹ̀ máa tú ara ẹ̀ sílẹ̀, èkejì á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń wò. Nínú ọ̀rọ̀ tìẹ yìí, Bọ́lá ni màá kọ́kọ́ rí, nítorí òun ló ń fura. Sọ ìdí ẹ̀ fún Ṣadé kó má bàa dà bíi pé o pa á tì.

Mẹ́rin ni ìbéèrè tí wàá béèrè, ìkan náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì: báwo lọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ lójú tìẹ? Èwo ló dùn ọ́ jù nínú ẹ̀? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí wàá fi mọ̀ pé ó ti tán? Èwo nínú ohun tó o sọ fún mi ni mo lè sọ létí ẹnì kejì? Ìkẹrin yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí kò bá sọ pé kó o gbé e lọ, má gbé e lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó lè pa ìjà náà ni.

Ìkejì ló máa sọ ohun tó wà nídìí ìjà fún ọ. Ó lè jẹ́ pé owó kọ́ ló ń dun Bọ́lá. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé kámẹ́rà náà ti já bọ́ kí Ṣadé tó sọ fún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó o fi gbogbo ọjọ́ pín owó, kò ní tán.

Ọmọlará_A

Kí n fi nǹkan kan kún un nípa ìjókòó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan láìmọ̀. Bí èèyàn bá ń ro ẹjọ́ fún wa, ẹnu wa kì í dákẹ́. A ó máa sọ pé “òótọ́ ni”, “o ò parọ́”, “háà, kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀”. Lójú wa, àmì pé à ń gbọ́ ni. Létí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ni. Lọ́la ó máa sọ pé “Àṣàkẹ́ gan-an ní o ṣe àṣejù”, kò sì parọ́ mọ́ ọ, torí o ní “òótọ́ ni”.

“Mo ń gbọ́” ni kó o máa sọ, tàbí “ẹ́n-ẹ̀n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?” Tó bá sọ̀rọ̀ tán, tún un sọ fún un: “Ohun tó ò ń sọ ni pé, lójú tìẹ, àìsọ fún ọ ló dùn ọ́ ju lẹ́ńsì lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Fi “lójú tìẹ” sí i nígbà gbogbo. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé o gbọ́ ọ yé, láìjẹ́ pé o ti gbà pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí ò ń lò fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ńkọ́? Bọ́lá á ní “ọjọ́ tó jí kámẹ́rà gbé lọ”, Ṣadé á ní “ọjọ́ tí mo mú kámẹ́rà wa lọ síbi iṣẹ́”. Bó o bá gba èyíkéyìí nínú méjèèjì sẹ́nu, o ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. “Ọjọ́ tí lẹ́ńsì sán” ni kó o máa pè é. Àwọn méjèèjì ló gbà pé ó sán.

Kó o sì jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ gúrúùpù pátápátá títí wọ́n á fi parí ẹ̀. Má fi àmì ẹ̀rín tàbí ìka sókè sí ohunkóhun tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ síbẹ̀, kódà bó jẹ́ àwòrán òdòdó. Wọ́n ń ka gbogbo ẹ̀. Má sì gba kí wọ́n fi àwòrán ojú fóònù ohun tí ẹnì kejì kọ ránṣẹ́ sí ọ kí ẹ tó jókòó. Sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, pé tó bá pọndandan ẹ jọ máa wò ó ní ojú àwọn méjèèjì.

Ayọ̀délé_Kò_Tán

Mi ò fara mọ́ ìjókòó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí rárá. Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́ ni wọ́n ní àgbà òṣìkà, ẹ sì ń kọ́ ọ láti gbọ́ ti ẹnì kan nígbà tí ẹnì kejì ò sí níbẹ̀. Lákòókò tí Ṣadé bá ń ro ti Bọ́lá pé wọ́n ti jókòó fún ìdajì wákàtí, kò ní sùn. Kí wọ́n jọ wá lọ́jọ́ kìíní, kí gbogbo ọ̀rọ̀ jáde lójú gbogbo wọn. Bí kò bá sí àṣírí, kò sí ìfura.

Ẹ̀gbọ́n_Látúndé

Ayọ̀délé, òwe náà ò bá èyí wí, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ dájọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó ò ń bẹ̀rù jóòótọ́. Àwọn onílàjà míì wà tó jẹ́ pé ìṣe wọn nìyẹn, wọn kì í rí ẹnì kan lọ́tọ̀ láé, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún wọn, pàápàá bí ìjà náà bá ṣì jẹ́ tuntun tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibi tí mo ti ń fẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n bá ti bú ara wọn lójú èèyàn, bí ti gúrúùpù yìí. Ìbínú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rí ibi tú sí, bí kò bá tú sí ọ létí, ojú ara wọn ló máa tú sí.

Ayọ̀délé_Kò_Tán

Ó dáa, àmọ́ kò tíì yí mi lérò padà. Ẹni tí ìbínú ẹ̀ ti tú síbòmíràn ò ní sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó, àjẹkù ọ̀rọ̀ sì ni ẹnì kejì máa gbọ́.

Àṣàkẹ́_Òwú

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́, àwọn méjèèjì gbà. Mo ti rí Bọ́lá, mo sì ti rí Ṣadé. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa Bọ́lá gan-an ló rí, ó ní lẹ́nu oníbàárà lòun ti gbọ́ pé kámẹ́rà bàjẹ́, ó sì ní mo lè sọ ọ́. Ti Ṣadé, ó ní òun ò ní owó òun lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, pé ohun tí Bọ́lá kọ sí gúrúùpù ló dun òun jù.

Ibi tí mo ti há ni pé Ṣadé wò mí lójú, ó ní: “Ìwọ ńkọ́, sọ tòótọ́, ṣé mo jẹ̀bi?” Mo ní kó jẹ́ kí n padà pè é. Kí ni kí n sọ fún un? A ti ní ká jókòó lópin ọ̀sẹ̀, báwo la ṣe máa ṣe é?

Gbẹ̀dẹ̀_Lọ̀rọ̀

Sọ pé o ò mọ̀. Ìyẹn ló rọrùn jù.

Ẹ̀gbọ́n_Látúndé

Má sọ bẹ́ẹ̀, Àṣàkẹ́. Ṣadé mọ̀ pé o ní èrò, “mi ò mọ̀” á sì dún létí ẹ̀ bíi “o jẹ̀bi, ojú ló ń tì mí láti sọ”. Sọ ìdí tí o ò fi ní dáhùn: “Bí mo bá sọ èrò mi fún ọ, màá sọ ọ́ fún Bọ́lá náà, látìgbà yẹn lọ èmi ni ẹ ó máa bá jà. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n rí i pé o sọ gbogbo tìẹ tán kí ẹnikẹ́ni tó já lù ọ́.” Pè é lónìí, má jẹ́ kó di ọjọ́ ìjókòó, torí ẹni tí ò tíì rí èsì gbà ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ èsì.

Wàyí o, ìjókòó. Ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni nínú yín ni kẹ́ ẹ lò, tó dákẹ́, tí kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Ìwọ náà, má bá Ṣadé wá pọ̀. Bẹ́ ẹ bá jọ rìn dé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti dànù lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́ dé ibẹ̀ fún ara rẹ, kó o to àga mẹ́ta bí ẹsẹ̀ ààrò, kí àlàfo tó wà láàárín ìwọ àti ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú ti ìkejì. Kí wọ́n má kọjú síra wọn gbọnrangandan, torí ojú lílejú ló ń dá ìjà sílẹ̀ padà. Tábìlì kékeré kan, bébà kan àti bírò kan ní iwájú rẹ. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló ń la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e á kàn máa gbèjà ara ẹ̀ ni. Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ lo máa yàn án. Bi wọ́n léèrè ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́, kí wọ́n ju owó ẹyọ sókè. Sọ fún ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ṣìkejì pé: “Má dá a lóhùn. Bẹ̀rẹ̀ ìtàn tìẹ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.” Gbólóhùn yẹn ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fóònù ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Bí ọ̀kan bá já lu ọ̀rọ̀, na ọwọ́ sí bébà kó o ní “mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ kó o lè sọ ọ́ tó bá kàn ọ́”, kó o sì kọ ọ́ lóòótọ́. Bí ẹni kìíní bá parí, kí ìkejì sọ ohun tó gbọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, kí Ṣadé ní: “Ohun tó o sọ ni pé oníbàárà ló sọ fún ọ, ojú sì tì ọ́.” Bí Bọ́lá bá ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ó kan Ṣadé láti sọ tiẹ̀. Bí Bọ́lá bá ní “kò pé”, kó tún un sọ. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń dà bí eré ọmọdé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ohùn ti máa ń rẹlẹ̀.

Ọmọlará_A

Bí ọ̀kan bá bú sẹ́kún, ṣọ́ra. Ẹni tó ń sunkún ló máa ń fa ọwọ́ wa mọ́ra. Bó o bá dìde lọ dì mọ́ ọn, ẹnì kejì á rí i pé ìdájọ́ ti jáde. Ní kẹ́ ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo yín, kí kálukú lọ mu omi. Bí ọ̀kan bá dìde jáde, má sáré tẹ̀ lé e kó o fi ìkejì sílẹ̀ sórí àga. Jókòó, dúró díẹ̀, bí kò bá padà, fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pé ẹ ó tún ọjọ́ míì dá.

Ẹ̀gbọ́n_Látúndé

Ó ṣeun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ tán, pín bébà náà sí méjì: apá òsì fún ohun tí àwọn méjèèjì gbà, apá ọ̀tún fún ohun tí wọn ò tíì gbà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo rò pé apá òsì máa gùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ: àwọn méjèèjì ló ni kámẹ́rà, wọn ò tíì ṣe òfin kan tẹ́lẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń gbé e, lẹ́ńsì sán, Ṣadé ti san owó àtúnṣe. Ka apá òsì sókè fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọkàn ṣáájú owó. Bó o bá gbé owó ṣáájú, ìbínú ni wọ́n máa fi ná an. Bi Bọ́lá: “Kí lo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Ṣadé?” Kó o bi Ṣadé bẹ́ẹ̀ náà. Bó bá wá di ẹ̀bẹ̀, fetí sí “ṣùgbọ́n”. “Má bínú pé mi ò sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ìwọ náà...” kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, Bọ́lá á sì fi ìyókù gbólóhùn dá a lóhùn. Dá a dúró pẹ̀lẹ́ pé: “Jẹ́ ká gbọ́ apá àkọ́kọ́ yẹn nìkan ná. Apá kejì ń bọ̀.” Kó o sì rí i dájú pé apá kejì dé lóòótọ́, kí Bọ́lá náà sọ̀rọ̀ nípa gúrúùpù.

Kí owó tó kàn, ó ti rọrùn díẹ̀. Bi wọ́n, má dábàá. “Ọ̀nà mélòó la lè gbà yanjú owó àtúnṣe?” Kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, kódà èyí tí kò bá dùn mọ́ ọ, má sì yan èyíkéyìí. Ó lè jẹ́ pé kí Ṣadé san gbogbo ẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ nínú èrè iṣẹ́ tó gbé e lọ, kí Bọ́lá san ìdá mẹ́rin, kí ọ̀kan ra ìpín ẹnì kejì. Bí o bá ti rí i pé o fẹ́ràn ọ̀kan, dákẹ́ pátápátá lórí rẹ̀, torí ohùn rẹ máa yí láìmọ̀.

Béèrè kan tí wọ́n sábà máa ń fò: ṣé Ṣadé rí owó nínú iṣẹ́ tó gbé kámẹ́rà lọ, ta ló sì ni owó yẹn? Bó bá rí i, tó sì jẹ́ tiẹ̀ nìkan, ẹ̀mí ọ̀rọ̀ àtúnṣe yí padà. Àwọn méjèèjì ni kó o bi lẹ́ẹ̀kan náà: “Báwo lẹ ṣe máa ń pín owó iṣẹ́ tí ẹnì kan bá dá lọ?” Bó bá jẹ́ Ṣadé nìkan lo bi, ó di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ó lè má ju ìlà mẹ́rin lọ: ta ló máa san kí ni, ọjọ́ wo, báwo ni ẹni tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà ṣe máa sọ fún ẹnì kejì, kí ni wọ́n máa ṣe bó bá tún bàjẹ́. “A ó máa bọ̀wọ̀ fún ara wa” kì í ṣe àdéhùn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá wọ́n mú un ṣẹ. “Ẹni tó bá fẹ́ gbé e máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú” ni àdéhùn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ẹ̀ sínú fóònù. Kó o bi àwọn méjèèjì léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bí nǹkan ṣe ń lọ, lọ́jọ́ kan náà.

Dékúnlé_T

Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ìyàwó mi ti jókòó. Ẹ ṣé. Mo ní ìbéèrè kan fún Àṣàkẹ́ náà o: bí wọ́n bá ní ká wá fọwọ́ sí ìwé yẹn bí ẹlẹ́rìí ńkọ́?

Ọmọlará_A

Má fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́, ìwọ ni wọ́n máa pè wá sọ ẹni tó jẹ̀bi, ibi tí o ò fẹ́ dé gan-an nìyẹn. Tiwọn ni ìwé náà.

Ohun kan tún kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu bà. Bó o bá gbọ́ nínú ìjókòó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé ọ̀kan ń halẹ̀ mọ́ ìkejì, tàbí pé ó na ọwọ́ sí i, tàbí pé ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀, dáwọ́ ìlàjà náà dúró. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á gbà sí ohunkóhun kó lè jáde níbẹ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín kó o pè é ní àdéhùn.

Àṣàkẹ́_Òwú

Kò sí irú ẹ̀ láàárín wọn, mo dúpẹ́. Mo ti pe Ṣadé, mo sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n sọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò burú. Ìbéèrè mi ìkẹyìn: gúrúùpù ńkọ́? Èèyàn mẹ́rìnlá ló ka ohun tí Bọ́lá kọ. Bí wọ́n bá parí ìjà, ṣé kí n sọ fún àwọn yòókù?

Ayọ̀délé_Kò_Tán

Kó o sọ fún wọn. Níbi tí wọ́n ti bú u ni kí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú á ṣì máa ti Ṣadé.

Ẹ̀gbọ́n_Látúndé

Ohun tó ní kí wọ́n ṣe dáa, ó kàn jẹ́ pé ìwọ kọ́ lo máa ṣe é. Fi í sórí bébà náà bí ìbéèrè: “Kí lẹ fẹ́ kí gúrúùpù gbọ́, ta ló máa kọ ọ́?” Kí wọ́n jọ kọ gbólóhùn kan tàbí méjì lórí tábìlì níbẹ̀, kí Bọ́lá fi í ránṣẹ́ láti fóònù ẹ̀ kí ẹ tó túká. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ kọ nǹkan kan, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú gúrúùpù bá sì bi ọ́ lẹ́yìn náà, ní kó bi àwọn méjèèjì.